Bóòtù sáìsì púpọ̀ nínú fáìlì kan: sísanra ń yí padà, gígùn kọ̀ jálẹ̀

Túndé_Ayàwòrán

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà ilé yìí. Mo ní fáìlì bóòtù onígun mẹ́fà kan nínú SolidWorks, M8 ni mo fi yà á. Wọ́n ní kí n mú M6, M10 àti M12 jáde láti inú fáìlì kan náà, pé àwọn ò fẹ́ rí fáìlì mẹ́rin tó jọra. Mo lọ sí `Insert > Tables > Excel Design Table`, mo yan `Auto-create`, mo sì kọ àwọn ìwọ̀n sínú àtẹ tó ṣí.

Sáìsì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jáde lóòótọ́. Bí mo bá tẹ M12, ara bóòtù á sanra, orí rẹ̀ á tóbi bó ṣe yẹ. Ṣùgbọ́n gígùn rẹ̀ kì í yí padà. Gbogbo wọn gùn ní 40, ibi tí téèdì ti bẹ̀rẹ̀ náà ò kúrò lójú kan. SolidWorks ò sọ nǹkan kan, kò sí àmì pupa níbì kankan. Mo ti tẹ `Ctrl+Q` títí, pàbó ló já sí. Kí ló ń ṣe é?

Abíọ́lá_F

Kí lo ń fi ara rẹ ṣe wàhálà fún? Toolbox wà nínú SolidWorks tí wọ́n ti kó bóòtù gbogbo sí. Fà á wọlé, yan sáìsì, ó parí.

Bàbá_Àkópọ̀

Abíọ́lá, ìyẹn dára bí o kò bá ní fi iṣẹ́ náà ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni. Ní ọjọ́ tí fáìlì àkópọ̀ rẹ bá dé orí kọ̀ǹpútà mìíràn tí Toolbox ibẹ̀ kò ní sáìsì tí o lò, wàá rí bóòtù M6 tó di gìrìwò láàárín bírákẹ́ẹ̀tì kékeré. Ó ti ṣẹlẹ̀ lójú mi ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, lọ́dọ̀ àwọn tí kò mọ̀ pé Toolbox ni bóòtù wọn ti wá. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ìbéèrè Túndé kọ́ nìyẹn. Ó fẹ́ mọ ìdí tí àtẹ tirẹ̀ kò fi gbọ́ràn.

Ìyá_Ìwọ̀n

Túndé, da àtẹ yẹn síbí bó ṣe wà gan-an, láti ìlà tí orúkọ àwọn ìwọ̀n wà. Má tún un ṣe kí o tó dà á.

Túndé_Ayàwòrán

Òun rèé, Mà. Ìlà 2 ló bẹ̀rẹ̀, nítorí SolidWorks ti fi ìlà 1 kọ àkọlé tirẹ̀.

```
A       B               C              D       E   F         G
        d@Shank_Sketch  s@Head_Sketch  k@Head      ls@Shank  b@Thread
M6x30   6               10             4           12        18
M8x40   8               13             5.3         18        22
M10x50  10              16             6.4         24        26
M12x60  12              18             7.5         30        30
```

`d` ni dáyámítà, `s` ni ìwọ̀n sípánà, `k` ni gíga orí, `ls` ni apá tí kò ní téèdì, `b` ni apá tó ní téèdì. Mo fi òpó E sílẹ̀ ní òfìfo kí ìwọ̀n orí àti ìwọ̀n gígùn má bàa dàpọ̀ mọ́ra lójú mi.

Ìyá_Ìwọ̀n

Òpó E yẹn ni ọ̀tá rẹ.

Láti apá òsì ni SolidWorks ti ń ka àtẹ, orúkọ kan tẹ̀lé èkejì. Ibi tó bá ti pàdé àpótí òfìfo ní ìlà orúkọ, ibẹ̀ ló gbà pé àtẹ parí sí. Ohun tó bá wà lẹ́yìn rẹ̀, àkọsílẹ̀ ara ẹni ló kà á sí, kò ní fọwọ́ kàn án. Bákan náà ni pẹ̀lú ìlà: fi ìlà kan sílẹ̀ lófìfo láàárín M8 àti M10, M10 àti M12 ò ní jáde rárá. Ìdí nìyẹn tí kò fi bá ọ wí. Lójú tirẹ̀, o kò ṣe àṣìṣe kankan, o kàn kọ nǹkan tìrẹ sí ẹ̀gbẹ́ àtẹ ni. Àwọn kan tiẹ̀ ń mọ̀ọ́mọ̀ lò ó báyìí: wọ́n á fi òpó kan sílẹ̀, wọ́n á wá máa ṣe ìṣirò wọn lẹ́yìn rẹ̀.

Pa òpó E rẹ́ pátápátá, kì í ṣe pé kí o fún un ní orúkọ kan ṣá. Bí o bá fẹ́ kí ojú rẹ yà wọ́n sọ́tọ̀, kun òpó ní àwọ̀.

Ọ̀nà tí o fi lè mọ̀ lọ́jọ́ mìíràn láìbéèrè: tẹ ara bóòtù lẹ́ẹ̀mejì kí àwọn ìwọ̀n yọ síta. Èyí tí àtẹ ń darí máa ń ní àwọ̀ tirẹ̀, o lè rí àwọ̀ náà nínú `System Options > Colors`, lábẹ́ `Dimensions, Controlled by Design Table`. Ó dá mi lójú pé `d` rẹ máa ní àwọ̀ yẹn, `ls` àti `b` ò ní ní in.

Túndé_Ayàwòrán

Ẹ ṣé gan-an, Mà! Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni mo ṣe bá a: `d`, `s` àti `k` ní àwọ̀ ọ̀tọ̀, `ls` àti `b` dúdú kirimú. Mo pa òpó E rẹ́, gígùn ti ń yí padà báyìí.

Kúnlé_Sípánà

Túndé, wo orí M10 rẹ dáadáa. O kọ 16. Sípánà 17 ni wọ́n fi ń tú M10, ẹnikẹ́ni tó ti fọwọ́ kan irin mọ̀ bẹ́ẹ̀. M12 náà, 19 ni, kì í ṣe 18. O máa fi ìwọ̀n èké ránṣẹ́ sí àwọn èèyàn.

Ìyá_Ìwọ̀n

Kúnlé, o rí ohun tí o rí, ṣùgbọ́n méjèèjì ló wà. Lábẹ́ DIN 931 àti DIN 933, M10 jẹ́ 17, M12 jẹ́ 19. Lábẹ́ ISO 4014 àti ISO 4017, M10 jẹ́ 16, M12 jẹ́ 18. M6 jẹ́ 10, M8 jẹ́ 13 nínú méjèèjì, ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í fi í mọ̀ pé ìyàtọ̀ wà. ISO ni Túndé tẹ̀ lé, àtẹ rẹ̀ kò lábùkù. Ohun tí kò dára ni kí a mú M10 láti inú ọ̀kan, kí a mú M12 láti inú èkejì. Túndé, kọ orúkọ ìlànà náà sínú fáìlì níbi tí ẹni tó bá ṣí i máa rí i, kí Kúnlé mìíràn má bàa wá "tún un ṣe" lọ́dún tó ń bọ̀.

Kúnlé_Sípánà

Ó dáa, mo gbà. Síbẹ̀, nínú àpótí irinṣẹ́ tèmi, 17 ló ń ṣiṣẹ́.

Túndé_Ayàwòrán

Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ mìíràn tún dé. Wọ́n ní kí n fi M8x20 kún un. Mo lo ìṣirò pé téèdì jẹ́ ìlọ́po méjì dáyámítà pẹ̀lú 6, ìyẹn 22. Gígùn bóòtù náà lápapọ̀ jẹ́ 20. `ls` wá di -2. Kò gbà á.

Kúnlé_Sípánà

Ìyẹn rọrùn. Fi òpó `$STATE@Shank` kún àtẹ, kọ `S` sí iwájú M8x20, kọ `U` sí iwájú àwọn yòókù. `S` ni kí ó pa ẹ̀yà náà, `U` ni kí ó tàn án. Bóòtù kúkurú kò nílò apá tí kò ní téèdì, pa á.

Túndé_Ayàwòrán

Ẹ̀gbọ́n Kúnlé, mo ṣe é. Orí nìkan ló kù! Téèdì bá a lọ.

Kúnlé_Sípánà

Kò yẹ kó rí bẹ́ẹ̀. Ṣé o kọ orúkọ ẹ̀yà náà dáadáa?

Ìyá_Ìwọ̀n

Ó kọ ọ́ dáadáa. Ohun tó yẹ kó ṣẹlẹ̀ ló ṣẹlẹ̀ yẹn.

Túndé, bí o ṣe kọ́ ọ rèé, sọ fún mi bí mo bá ṣì í: o fa `Shank` jáde láti abẹ́ orí, o wá yí sí ìparí `Shank`, o ya òbìrí kan sí ojú rẹ̀, o fa `Thread` jáde láti ibẹ̀. `Thread` ń jókòó lórí `Shank`. Bí o bá pa `Shank`, ojú tí òbìrí yẹn wà lórí rẹ̀ kò sí mọ́, SolidWorks á sì pa `Thread` pẹ̀lú rẹ̀. Tẹ `Thread` ní bọ́tìnì ọ̀tún, yan `Parent/Child`, wàá rí `Shank` nínú àwọn òbí rẹ̀.

Èrò Kúnlé dára, ẹ̀yà tó fẹ́ pa ni kò dára. Má ṣe pa ohun tí nǹkan mìíràn gbé lé. Tún bóòtù náà kọ́ báyìí:

Fa ara bóòtù jáde ní ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, gbogbo gígùn rẹ̀, kí ó bẹ̀rẹ̀ láti `Front Plane`. Pè é ní `Body`, pe gígùn rẹ̀ ní `L`. Fa orí jáde sí òdìkejì, láti `Front Plane` kan náà. Báyìí, orí kò gbé lé ara, ara kò gbé lé orí, àwọn méjèèjì gbé lé `Front Plane` tí kò lè sọnù.

Lẹ́yìn èyí ni kí o wá fi ibi tí téèdì ti bẹ̀rẹ̀ hàn. Lórí `Right Plane`, ya ìlà kan tó dábùú ara bóòtù, kí ìwọ̀n rẹ̀ láti ṣóńṣó ìdí bóòtù jẹ́ `b`. Fi ìlà náà ṣe `Split Line` lórí ara bóòtù, pè é ní `Thread_Line`. Òun á pín ojú ara bóòtù sí méjì, o lè kun apá téèdì ní àwọ̀ ọ̀tọ̀. Kò sí ẹ̀yà kankan tó gbé lé `Thread_Line`, nítorí náà o lè pa á láìba nǹkan kan jẹ́.

Àtẹ rẹ á wá rí báyìí:

```
A       B              C              D       E       F                G
        d@Body_Sketch  s@Head_Sketch  k@Head  L@Body  b@Thread_Sketch  $STATE@Thread_Line
M8x20   8              13             5.3     20      =2*B3+6          =IF(F3>=E3,"S","U")
M8x40   8              13             5.3     40      =2*B4+6          =IF(F4>=E4,"S","U")
```

Fún M8x20, `F3` á jẹ́ 22, ó ju 20 lọ, nítorí náà `G3` á sọ `S`, ìlà pípín á kú, gbogbo ara bóòtù á di apá téèdì. Fún M8x40, 22 kéré sí 40, `U` ló máa sọ. Ìwọ kì í tún kọ `S` tàbí `U` fúnra rẹ, ìwọ̀n ló ń pinnu.

Nǹkan méjì péré ni kí o mọ̀ nípa fọ́múlà yẹn. Ìlọ́po méjì pẹ̀lú 6 wà fún bóòtù tí kò gùn ju 125 lọ. Láti ibẹ̀ dé 200, 12 ni à ń fi kún un. Bó bá ju 200 lọ, 25 ni. Èkejì, M8x20 kì í ṣe ti ISO 4014 mọ́. Nínú ISO 4014, 40 ni M8 ti bẹ̀rẹ̀. Èyí tó kúrú jù bẹ́ẹ̀ tó sì ní téèdì dé òkè jẹ́ ti ISO 4017. Bí o bá ń kọ àpèjúwe fún bóòtù kọ̀ọ̀kan, má kọ ìlànà kan náà sí gbogbo wọn.

Bàbá_Àkópọ̀

Ẹ jẹ́ kí n fi kékeré kún ti Ìyá wa: téèdì ISO 4017 kì í kan orí gan-an, àlàfo kékeré máa ń kù lábẹ́ rẹ̀. Fún àwòrán àkópọ̀, kò já mọ́ nǹkan. Bí ihò tí bóòtù wọ̀ bá ní téèdì, tí irin náà sì tẹ́ẹ́rẹ́, rántí rẹ̀ o, nítorí bóòtù gidi lè má wọlé tán bó ṣe wọlé lórí kọ̀ǹpútà.

Túndé_Ayàwòrán

Ó ti ṣiṣẹ́! Mo tún un kọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ bí Mà ṣe sọ, M8x20 jáde pẹ̀lú ara rẹ̀ pé. Ṣùgbọ́n mo rí nǹkan kan tó ṣàjèjì: ní M12, orí bóòtù yí díẹ̀, igun rẹ̀ kò dọ́gba pẹ̀lú ti M6.

Ìyá_Ìwọ̀n

Onígun mẹ́fà rẹ kò ní ohun tó dì í mú. O fi òbìrí inú rẹ̀ sọ ìwọ̀n `s`, ìyẹn dára, nítorí òbìrí tó kan ẹ̀gbẹ́ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ní dáyámítà kan náà pẹ̀lú ẹnu sípánà. Ṣùgbọ́n o kò sọ ìhà tí ó máa kọjú sí. Nígbà tí ìwọ̀n bá fò láti 10 sí 18, ó lómìnira láti yí. Mú ẹ̀gbẹ́ kan, fún un ní `Horizontal`. Bí sikẹ́ẹ̀ṣì bá dúdú tán, tí kò sí ìlà aláwọ̀ búlúù kankan mọ́, ó ti dúró nìyẹn. Mo máa ń sọ fún àwọn ọmọ iṣẹ́ mi pé sikẹ́ẹ̀ṣì tó ní búlúù kò tíì yẹ fún àtẹ. Nínú sáìsì kan ṣoṣo, búlúù lè má dà ọ́ láàmú. Nínú sáìsì mẹ́wàá, yóò dà ọ́ láàmú.

Ṣadé_Irin

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ forí jì mí pé mo já lu ọ̀rọ̀ yín. Bírákẹ́ẹ̀tì ni tèmi, irú èyí tó ní apá méjì bí igun ilé. Sáìsì mẹ́ta: apá 40, 80 àti 120. Ihò bóòtù M8 ló wà nínú rẹ̀, ìkan nínú 40, méjì nínú 80, mẹ́ta nínú 120. Mo ya ihò mẹ́ta, mo wá ń fi `$STATE` pa wọ́n. Nínú sáìsì 40, ihò tó ṣẹ́kù bọ́ sí ìta irin. Ẹ̀kọ́ bóòtù yín yìí, ṣé ó kàn mí?

Kúnlé_Sípánà

O wọn ihò láti ìparí apá ni. Wọ̀n ọ́n láti igun.

Ìyá_Ìwọ̀n

Kúnlé ti gba iwájú mi lórí ìyẹn, ó sì tọ̀nà. Igun ni kò yí padà nínú sáìsì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, láti ibẹ̀ ni kí ìwọ̀n ti máa wá.

Ṣùgbọ́n má ya ihò mẹ́ta, Ṣadé. Ya ìkan, 20 sí ojú ìta igun, kí o fi `Linear Pattern` tún un ṣe ní àlàfo 40. Wò ó bó ṣe bọ́ sí i: 20, 20 àti 60, 20, 60 àti 100. Nínú sáìsì kọ̀ọ̀kan, ihò ìkẹyìn fi 20 jìnnà sí ìparí apá. Iye ihò jẹ́ gígùn apá tí a pín sí 40, Excel lè ṣe é fúnra rẹ̀. Fún sáìsì oníhò kan, fi `$STATE` pa pattern náà, ihò àkọ́kọ́ á dúró nítorí òun ni òbí. Lọ tún orúkọ ìwọ̀n iye ihò sọ kí o tó kọ ọ́ sínú àtẹ, nítorí `D1` àti `D3` tí SolidWorks fún un kò ní sọ fún ẹnikẹ́ni èwo ni iye, èwo ni àlàfo.

Irin rẹ, báwo ló ṣe nípọn sí?

Ṣadé_Irin

5 ni fún gbogbo wọn nísinsìnyí, ìtẹ̀ inú igun náà 5. Àmọ́ wọ́n fẹ́ kí 120 jẹ́ 8, kí ìtẹ̀ rẹ̀ náà jẹ́ 8.

Ìyá_Ìwọ̀n

Mo rò bẹ́ẹ̀. Gbọ́ ìṣòro tí àtẹ ò ní sọ fún ọ.

Wáṣà M8 fẹ̀ ní 16, nítorí náà láti àárín ihò, ó na ọwọ́ 8 sí ìhà igun. Ihò wà ní 20, etí wáṣà wà ní 12. Irin nípọn 5, ìtẹ̀ jẹ́ 5, ibi tí irin ti tẹ́jú bẹ̀rẹ̀ ní 10. Láàárín 10 àti 12, àyè 2 wà, wáṣà jókòó dáadáa. Wá fi 8 àti 8 sí i: ibi títẹ́jú di 16. Etí wáṣà ṣì wà ní 12. Ó ti gun orí ìtẹ̀ nìyẹn, ẹ̀gbẹ́ kan á gbé sókè, bóòtù á sì máa fa láìdọ́gba nígbà tí o bá fún un. Bírákẹ́ẹ̀tì á jáde lẹ́wà lórí kọ̀ǹpútà, kò ní sí àmì pupa, nítorí SolidWorks ò mọ̀ pé wáṣà kan ń bọ̀.

Nítorí náà, má fi 20 sílẹ̀ bí nọ́ńbà lásán. Kọ ọ́ báyìí nínú àtẹ, tí C bá jẹ́ nínípọn, tí D sì jẹ́ ìtẹ̀:

```
=C3+D3+8+2
```

Fún 5 àti 5, ó máa fún ọ ní 20 bíi ti tẹ́lẹ̀. Fún 8 àti 8, ó di 26. Ihò mẹ́ta wá bọ́ sí 26, 66 àti 106, èyí ìkẹyìn fi 14 jìnnà sí ìparí. Ihò M8 jẹ́ 9, nítorí náà irin 9.5 ṣẹ́kù láàárín etí ihò àti etí irin. Ṣé ìyẹn tó? Ẹrù tó máa gbé ló máa sọ, ìwọ lo mọ ẹrù náà.

Ṣadé_Irin

Wáṣà ò wá sí mi lọ́kàn rárá. Mo máa béèrè ẹrù náà lọ́wọ́ wọn kí n tó gbé e jáde.

Akẹ́kọ̀ọ́_Láńre

Ẹ ǹlẹ́ o. FreeCAD ni mo ń lò, mo fẹ́ ṣe bóòtù Túndé níbẹ̀. Mo ṣí Spreadsheet, mo kọ ìwọ̀n sí i, mo fẹ́ fún àpótí kan ní orúkọ `s`, ó kọ̀. Mo fún òmíràn ní `M8`, ó tún kọ̀. Ṣé FreeCAD mi ti bàjẹ́ ni?

Bàbá_Àkópọ̀

Kò bàjẹ́, àbúrò. `s` ni ó fi ń kọ ìṣẹ́jú àáyá, kò lè jẹ́ orúkọ àpótí. `M8` sì jẹ́ àdírẹ́sì àpótí nínú Spreadsheet fúnra rẹ̀: òpó M, ìlà 8. Lo orúkọ tó gùn díẹ̀, bíi `head_s` àti `body_d`. Nígbà náà, nínú ìwọ̀n sikẹ́ẹ̀ṣì, kọ:

```
Spreadsheet.head_s
```

Iṣẹ́ á lọ. Pé kí o ní ọ̀pọ̀ sáìsì tí o máa yàn láàárín wọn, FreeCAD ní `Configuration Table` nínú Spreadsheet fún ìyẹn, ṣùgbọ́n kọ́kọ́ mú sáìsì kan gbọ́ràn sí Spreadsheet lẹ́nu ná.

Túndé_Ayàwòrán

Ìbéèrè ìkẹyìn, ẹ má bínú. Mo kó bóòtù náà sínú àkópọ̀, sáìsì mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Nínú àkọsílẹ̀ ohun èlò tó wà lórí dírọ́ọ̀ìn, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń jẹ́ orúkọ fáìlì. Ẹni tó ń ra ọjà ò lè mọ èwo ni M6, èwo ni M12.

Bàbá_Àkópọ̀

Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń gbàgbé nìyí. Bí o kò bá sọ nǹkan kan, orúkọ fáìlì ni SolidWorks ń kọ síbẹ̀, fáìlì rẹ sì jẹ́ ìkan. Fi òpó kan kún àtẹ tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ `$PARTNUMBER`, kọ `$C` sí gbogbo ìlà rẹ̀. `$C` ń sọ pé kí ó lo orúkọ sáìsì, `$D` ń sọ pé kí ó lo orúkọ fáìlì. Dírọ́ọ̀ìn á wá máa sọ M6x30, M12x60. Fi `$PRP@Description` sí òpó tó tẹ̀ lé e, kọ àpèjúwe gígùn síbẹ̀ pẹ̀lú ISO 4014 tàbí ISO 4017 bí Ìyá wa ṣe sọ.

Nítorí pé orúkọ sáìsì ni ẹni tó ń rajà máa kà, yàn án dáadáa kí àkópọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó. Bí o bá lọ yí M8x40 padà sí orúkọ mìíràn nínú àpótí A, SolidWorks á dá sáìsì tuntun sílẹ̀ ní orúkọ yẹn, M8x40 àtijọ́ á ṣì wà níbẹ̀, àmọ́ àtẹ kò ní máa darí rẹ̀ mọ́. Àkópọ̀ tó ti ń lò ó á dúró tì í. O lè wá tún gíga orí ṣe nínú àtẹ, kí ó má dé ibẹ̀, kí ojú rẹ sì máa sọ fún ọ pé ó ti dé.

Kúnlé_Sípánà

Mo tún fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí orúkọ. Má kọ ọ́ bíi 6-20 o. Excel á rò pé ọjọ́ oṣù ni, yóò sọ ọ́ di ogúnjọ́ oṣù kẹfà. Mo rí fáìlì kan tí gbogbo bóòtù inú rẹ̀ ń jẹ́ oṣù.

Ìyá_Ìwọ̀n

Òtítọ́ ni Kúnlé sọ. Fi lẹ́tà bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, bíi M6x20, Excel á fi í sílẹ̀. Àmì `/` àti `@` kò sì gbọ́dọ̀ wọ inú orúkọ sáìsì, SolidWorks ò gbà wọ́n. Àwọn tó ń lo bóòtù oní-ínṣì ló máa ń kọ `1/4`, wọ́n sì máa ń béèrè ohun tó ṣe é.

Abíọ́lá_F

Nísinsìnyí tí mo ti ka gbogbo rẹ̀, ó kù kí n béèrè: téèdì gidi dà? Ìlà tí ẹ fi pín ara bóòtù yẹn kì í ṣe téèdì. Èmi máa ń tẹ nǹkan jáde lórí ẹ̀rọ, mo nílò kí ó yí wọlé.

Bàbá_Àkópọ̀

Fún títẹ̀jáde, bẹ́ẹ̀ ni. Fún àkópọ̀ tó ní igba bóòtù, jọ̀ọ́ má ṣe é. Téèdì gidi lórí bóòtù kọ̀ọ̀kan ló máa mú kí kọ̀ǹpútà rẹ máa fà bí ìgbín.

Abíọ́lá_F

A lè fi `$STATE` ṣe méjèèjì nínú fáìlì kan: sáìsì kan tó ní téèdì gidi, ìkejì tí kò ní.

Ìyá_Ìwọ̀n

A lè ṣe é. Ṣùgbọ́n ìlà nínú àtẹ á di ìlọ́po méjì, ẹnì kan á sì mú èyí tó wúwo sínú àkópọ̀ láìmọ̀. Èmi ń fi téèdì gidi sínú fáìlì ọ̀tọ̀. Mo mọ àwọn tó ń ṣe é bí Abíọ́lá ṣe sọ, tí iṣẹ́ wọn ń lọ.

Bàbá_Àkópọ̀

Èmi ò tiẹ̀ fẹ́ kí M6 àti M12 wà nínú fáìlì kan. Fáìlì kan fún dáyámítà kan, kí gígùn nìkan máa yí padà nínú àtẹ. Bí ẹnì kan bá ba M12 jẹ́, M6 ò ní bá a lọ.

Ìyá_Ìwọ̀n

Ìyẹn ni kí o ní fáìlì mẹ́rin tí o máa tún ṣe lẹ́ẹ̀mẹrin nígbà tí a bá yí nǹkan kan padà lórí orí bóòtù. Ohun tí Túndé ń sá fún gan-an nìyẹn. A ò ní fẹnu kò lórí èyí, Bàbá.

Túndé_Ayàwòrán

Fáìlì kan ni mo máa fi sílẹ̀ fún báyìí, nítorí bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ní kí n ṣe é. Mo ti fi `$PARTNUMBER` sí i, dírọ́ọ̀ìn ti ń pè wọ́n ní orúkọ wọn. Kí n tó fi ránṣẹ́, ṣé ọ̀nà kan wà láti yẹ sáìsì gbogbo wò láìtẹ̀ wọ́n níkọ̀ọ̀kan?

Ìyá_Ìwọ̀n

`Ctrl+Shift+Q` á tún gbogbo sáìsì kọ́ lẹ́ẹ̀kan. Àmọ́ ó ń wá àṣìṣe tí SolidWorks mọ̀ nìkan. Ṣí èyí tó kéré jù àti èyí tó tóbi jù fúnra rẹ, lo `Measure` lórí orí, dáyámítà àti gígùn àpapọ̀, kí o fi wé àtẹ. M8x20 náà, ṣí i, nítorí òun nìkan ló ní ẹ̀yà tí a pa.

Túndé_Ayàwòrán

M6x30: 10, 6, 34. M12x60: 18, 12, 67.5. M8x20: 13, 8, 25.3.

Ìyá_Ìwọ̀n

Gíga orí pẹ̀lú gígùn ara, ó pé. Fi ránṣẹ́.